Wọ́n fi síláìdì ránṣẹ́ sí mi láìsọ nǹkan kan: ṣé àlàyé rẹ̀ ni kí n yẹ̀ wò ni, ìrísí rẹ̀, tàbí iye inú rẹ̀?

Oníbéèrè (Ìbàdàn):
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀gbọ́n wa kan ládùúgbò tó ní ilé iṣẹ́ gàrí fẹ́ yáwó ní báńkì láti fi ra ẹ̀rọ sí i. Alẹ́ àná ni wọ́n fi fáìlì kan ránṣẹ́ sí mi, `Gari_FINAL_4.pptx`, síláìdì mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀. Wọn ò kọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn.

Iṣẹ́ báńà àti ìwé ìpè ìnáwó ni mò ń ṣe, nítorí náà ó lè jẹ́ ìrísí rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí n bá wọn tún ṣe. Lóòótọ́, lẹ́tà àwọ̀ ìyeyè lórí funfun ò ṣeé kà. Ṣùgbọ́n mo kà á dópin, mo sì rí i pé síláìdì 13 ni wọ́n tó sọ iye owó tí wọ́n fẹ́ yá. Síláìdì 5 tún sọ pé tọ́ọ̀nù 10 ẹ̀gẹ́ ń di tọ́ọ̀nù 5 gàrí lójúmọ́. Ó ń ṣe mí bákan, àmọ́ n kò mọ iṣẹ́ gàrí. Wọ́n jù mí lọ dáadáa, mi ò sì fẹ́ kó dà bíi pé mò ń wá àṣìṣe àgbà. Èwo ni kí n dá sí?

Ìyá Ìbejì:
Ìrísí ni kẹ́ ẹ mú, àǹtí. Ohun tí wọ́n mọ̀ yín mọ́ nìyẹn, torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Ohun tẹ́ ẹ ò bá rí kà níbẹ̀, ẹni tó jókòó sẹ́yìn ní báńkì ò ní rí i kà. Ẹ sọ ọ́ di ńlá, àbí kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ iye sílẹ̀ fún ẹni tó ni iṣẹ́.

Ọmọ Ọ̀ṣogbo:
Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ di PDF kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo ṣí irú ẹ̀ lórí fóònù mi, gbogbo ibi tí ẹ àti ọ wà ló di àpótí kéékèèké.

Oníbéèrè (Ìbàdàn):
Ẹ ṣé, ó ṣí dáadáa lọ́dọ̀ mi. Ibi tí kí n ti bẹ̀rẹ̀ ni mi ò mọ̀.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù:
Mo jókòó sí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fún ọdún 9, mo ti rí ọ̀pọ̀ irú ìwé yìí. Ẹ má tíì mú ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá fáìlì náà fúnra rẹ̀ máa sọ ohun tó ń wá. Orúkọ rẹ̀ ní FINAL, ó sì ti di ìkẹrin, ìyẹn ni pé ẹni tó ni ín gbà pé òun ti parí àlàyé. Bẹ́ ẹ bá ní kó tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní gbọ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ síláìdì níbi tí wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fẹnu sọ. Bí nǹkan bá wà níbẹ̀, wọ́n fẹ́ dúró kà á fún èèyàn ni. Bí kò bá sí, ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ fi sílẹ̀ kí òṣìṣẹ́ báńkì dá kà á. Méjèèjì ò gba àtúnṣe kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá iye kan ṣoṣo tí gbogbo ohun tí wọ́n ń bèèrè dúró lé, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e kiri inú fáìlì. Níbí, gàrí ojúmọ́ ni. Ǹjẹ́ ó tún jáde níbòmíràn?

Oníbéèrè (Ìbàdàn):
Ó jáde, sà! Mi ò tiẹ̀ fura. Síláìdì 6, lábẹ́ àwòrán àpò tí wọ́n tò jọ: "Àpò 50 lójúmọ́, àpò kan kílò 50." Kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀ àwọn síláìdì náà.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù:
Àpò 50 lọ́nà kílò 50 jẹ́ kílò 2,500. Tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ nìyẹn, kì í ṣe 5. Ẹ rí i pé ẹ ò nílò kẹ́ ẹ mọ gàrí yan kẹ́ ẹ tó rí i: síláìdì 5 àti 6 ń já ara wọn nírọ́. Ti síláìdì 6 ló sì bá ohun tí mo mọ̀ mu, torí tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù mẹ́rin sí márùn-ún ló ń di tọ́ọ̀nù gàrí kan.

Ẹ wá wo ibi tó ń dé. Èwo ni wọ́n fi ṣírò owó tó ń wọlé?

Oníbéèrè (Ìbàdàn):
Tọ́ọ̀nù 5 ni. Síláìdì 9. Orí rẹ̀ ni síláìdì 11 dúró lé tó sọ pé oṣù 18 làwọn máa fi san owó náà tán.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù:
Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ dá sí nìyẹn o. Ẹ jẹ́ ká fi ọgọ́rùn-ún ṣe àpẹẹrẹ. Bí owó tó wọlé bá jẹ́ 100, tí ìnáwó jẹ́ 60, èrè 40 wà. Bí gàrí bá dín sí ìdajì, owó tó wọlé di 50. Ṣùgbọ́n ìnáwó ò dín: ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù 10 náà ni wọ́n rà, àwọn obìnrin tó bó o ti gbowó wọn, dísù àti igi ìdáná ti jó. 60 ṣì ni, wọ́n ti jẹ gbèsè 10. Kò sí àwọ̀ tó lè bo ìyẹn.

Ìyá Ìbejì:
Mo gbà fún yín lórí eléyìí. Ṣùgbọ́n ìrísí náà ṣì wà níbẹ̀.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù:
Ó wà, ìyá wa. Ìrísí mìíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ òótọ́. Àǹtí, ṣé àwòrán olópòó kan wà níbẹ̀?

Oníbéèrè (Ìbàdàn):
Ó wà. Èṣí àpò 40, ọdún yìí àpò 50. Ṣùgbọ́n òpó ọdún yìí ga tó ìlọ́po mẹ́ta ti èṣí.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù:
Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé 35 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Láti 35, òpó kan ga ní 5, èkejì ní 15. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ẹ máa rí i pé ìdámẹ́rin péré ló fi lé. Ó dáa bẹ́ẹ̀, kò nílò àfikún. Oníbáńkì tó bá já irú èyí ò ní gba ìyókù gbọ́ mọ́.

Ọmọ Èkó:
Èmi ò fara mọ́ kíkà ṣáájú ìbéèrè. Ọ̀rẹ́ mi kan fi síláìdì tó fẹ́ fi gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní yunifásítì ránṣẹ́ sí mi bẹ́ẹ̀. Odindi òru kan ni mo fi tún àlàyé rẹ̀ tò. Ó ní ìlànà ẹ̀ka àwọn ló tẹ̀ lé, pé òun kàn fẹ́ kí n wo sípẹ́lì. Mo sunkún. Ẹ bèèrè ná.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù:
Ó dùn mí fún yín. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá bi àgbà pé "kí lẹ fẹ́ kí n wò", "gbogbo ẹ̀" ni wọ́n máa sọ. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tún nǹkan kan ṣe, kẹ́ ẹ wá bèèrè ohun kan pàtó. Àǹtí, ẹ pè wọ́n, ẹ má kọ ọ́ sí wọn. Ẹ ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, síláìdì 5 ní tọ́ọ̀nù 5, àpò tó wà ní síláìdì 6 jẹ́ tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀. Èwo ni kí n fi sílẹ̀?" Ọwọ́ wọn ni ìdáhùn wà, ẹ ò sọ pé wọ́n ṣàṣìṣe.

Oníbéèrè (Ìbàdàn), ọjọ́ kejì:
Mo pè wọ́n. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n mú u dání. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ní ọmọ tó ń bá wọn kọ̀wé ló wọn ẹ̀gẹ́ nígbà tí wọ́n tú u jáde lábẹ́ jáàkì, tí omi ti ro kúrò, tí wọn ò tíì sẹ́ ẹ, tí wọn ò tíì yan án. Tọ́ọ̀nù 5 ni lóòótọ́ nígbà yẹn. Agbada ló gba ìyókù. Wọ́n dúpẹ́ gidigidi. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń lọ sí báńkì, wọ́n sì fẹ́ ṣírò síláìdì 9 àti 11 láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ní ó lè jẹ́ owó kékeré ni àwọn máa bèèrè báyìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ìwọ náà, jọ̀ọ́, bá mi pa àwọ̀ ìyeyè yẹn rẹ́."

Síláìdì 13 ló kù. Ṣé kí n ní kí wọ́n gbé iye owó náà wá síwájú?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù:
Síláìdì 2. Èmi kì í fẹ́ dúró títí kí n tó mọ ohun tí èèyàn ń wá.

Ìyá Ìbejì:
Rárá o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí gàrí náà ná, kí wọ́n tó gbọ́ owó.