Mo fẹ́ fi ìwé sọ fún alágbàdo mi pé òwò wa máa parí

Ẹlẹ́kọ Wàǹdó: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá kan ní Kétu ló ń kó àgbàdo wá fún mi ní Àjàṣẹ́, àpò 8 ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Kò ṣẹ̀ mí rárá. Àbúrò ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbin tirẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ máa rà. Àsansílẹ̀ mi, 60,000 sẹ́fà, ṣì wà lọ́wọ́ ìyá náà, àpò òfìfo rẹ̀ 30 sì wà lọ́dọ̀ mi. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ tí kò fi ní dùn ún?

Oníbúrẹ́dì: Ìwé kẹ̀? Ẹ ṣáà má bèèrè ọjà mọ́, á yé e.

Akọ̀wé Ọlọ́jà: Ìyẹn gan-an ló ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn alágbàdo a máa fún àgbẹ̀ lówó kí wọ́n tó kórè. Tí ẹ bá dákẹ́, yóò ti ra ọjà yín kó tó mọ̀. Ẹ pè é, ẹ bi í léèrè èyí tó ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní ìgbà mẹ́ta ló kù, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn. Tí ó bá gba ìwé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, ẹ kọ báyìí:

"Ìyá mi, òwò àgbàdo tí a jọ ń ṣe yóò parí ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá. N ó ṣì gba àpò 8 ní ọjọ́ 15 àti 29 oṣù yìí, àti ní ọjọ́ ìkẹyìn náà, ní iye tí a ń rà á tẹ́lẹ̀. Ẹ máa yọ 20,000 sẹ́fà nínú owó ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí àsansílẹ̀ mi lè tán. Àpò òfìfo yín yóò bá ọkọ̀ ìkẹyìn padà. Ẹ ṣeun gan-an fún bí ẹ ṣe ń bá mi lò."

Ẹ má kọ "mo ń rò ó." Yóò máa retí yín, yóò sì máa rajà sílẹ̀. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ó fọwọ́ sí tiyín, kí ó sì kọ ọjọ́ tó gbà á. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Oṣù kan ló máa ń jẹ́ níbi gbogbo. Ẹ fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, ó ti tó.

Akọ̀wé Ọlọ́jà: Wásáàpù dára, torí ọjọ́ á hàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kan kọ́ ló bá gbogbo òwò mu. Bí ẹ bá ní ìwé àdéhùn tẹ́lẹ̀, iye ọjọ́ tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìyá Ìbejì: Èmi, onílé ló lé mi ní ṣọ́ọ̀bù láìsọ tẹ́lẹ̀! Ṣé ẹ lè bá mi kọ tèmi náà?

Ẹlẹ́kọ Wàǹdó: Ìyá alágbàdo mi kò mọ̀wé kà. Ṣé kí n kọ ìdí sí i?

Akọ̀wé Ọlọ́jà: Ẹ lọ kà á sí i létí, kí ó tẹ̀ka níwájú ọmọ rẹ̀. Èmi ò ní kọ ìdí o. Tí ẹ bá kọ ọ́, á ní kí ẹ jẹ́ kóun dín owó kù.

Oníbúrẹ́dì: Ibẹ̀ ni mo ti takò yín. Bí kò bá gbọ́ ìdí, á rò pé àgbàdo òun ni kò dára.

Ẹlẹ́kọ Wàǹdó: Màá fẹnu sọ ọ́ fún un, kò ní wọ inú ìwé. Lọ́jọ́ Rú ni mo ń lọ sí Kétu.