Ìbéèrè òótọ́ tàbí irọ́ lórí ọsimósíìsì: kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n ló ń ṣì í?

Tíṣà Ìkọ̀lé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn SS1 níbí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọsimósíìsì. Iṣu la fi ṣe é níwájú kíláàsì, gbogbo wọn sì fi ojú ara wọn rí i. Mo wá fún wọn ní ìbéèrè mẹ́wàá, òótọ́ tàbí irọ́. Ìkẹrin ló ń dà mí láàmú. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́ fún wọn, àmọ́ ohun tó sọ nìyí:

"Kì í ṣe òótọ́ pé omi kì í gòkè nínú iṣu sísè, nítorí pé iná ti ba awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́."

Irọ́ ni ìdáhùn. Ọmọbìnrin kan tó ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ lójú bọ́ọ̀dù láìṣì rárá mú òótọ́. Èyí tó sùn títí a fi parí iṣẹ́ mú irọ́, ó sì gba máàkì. Mi ò fẹ́ kí ìbéèrè mi rọ̀ jù o, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó jẹ́ báyọ́lọ́jì ló ń dán wò. Báwo lẹ ṣe ń kọ tiyín?

Kọ́pà Ìjerò
Ẹ yọ gbogbo "kò" àti "kì í" kúrò, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ yọ "gbogbo" àti "rárá" náà, torí àwọn ọmọ ti mọ̀ pé níbi tí wọ́n bá ti rí i, irọ́ ni. Kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé márùn-ún jẹ́ òótọ́, márùn-ún jẹ́ irọ́.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀mùò
Tíṣà, bí omi kò bá gòkè nínú iṣu yín, ẹ yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa. Nígbà tí èmi ṣe tèmi, a gbẹ́ ihò náà jìn jù, omi ń jo jáde láìmọ̀. Ẹ sì bó èèpo ibi tó máa wà nínú omi, torí èèpo kì í jẹ́ kí omi wọlé bó ṣe yẹ. Ànàmọ́ ni mò ń lò báyìí, iṣu ti wọ́n jù.

Olùkọ́ Àgbà, Ìkéré
Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ lórí èèpo, ṣùgbọ́n iṣu tíṣà ṣiṣẹ́. Gbólóhùn tó kọ ló dá wàhálà sílẹ̀.

Tíṣà, ẹ jẹ́ ká tú ìkẹrin yẹn wò. Ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi "kì í ṣe" pa "kì í" rẹ́ lọ́kàn rẹ̀ kó tó mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Ibẹ̀ ló ti wá bá "nítorí pé", ohun tó sì tẹ̀ lé e jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé: iná ba awọ sẹ́ẹ̀lì jẹ́ lóòótọ́. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ rí ohun tó dá a lójú, ó dì í mú, ó sì mú òótọ́. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan kò rí ohun tó máa dì mú, ó kàn fa igi sí ọ̀kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ìdí tó fi ṣẹlẹ̀ lẹ kó pọ̀ sínú gbólóhùn kan. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí n tó kọ ọ̀kan, mo máa ń bi ara mi pé kí ni àwọn ọmọ gbà gbọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí iṣu sísè, àwọn kan rò pé gbígbóná rẹ̀ ni kò jẹ́ kí omi gòkè. Nítorí náà, mo lè kọ ọ́ báyìí:

"A se iṣu kan, a jẹ́ kó tutù pátápátá. A gbẹ́ ihò sí i, a da omi ṣúgà tó ki sínú ihò náà, a gbé e sínú abọ́ omi lásán. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, omi inú ihò yóò gòkè bíi ti iṣu tí a kò sè."

Irọ́ ni. Ọmọ tó mọ̀ pé awọ sẹ́ẹ̀lì ló ti bàjẹ́ mọ̀ pé títutù kò lè tún un ṣe. Gbólóhùn náà gùn, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti lọ́ pọ̀. Èkejì rèé, láti mọ̀ bóyá ìwé nìkan ni wọ́n há sórí:

"Omi lásán la dà sínú ihò iṣu tí a kò sè, omi ṣúgà tó ki la dà sínú abọ́. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, omi inú ihò yóò ti dín kù."

Òótọ́ ni èyí. Ẹni tó há a sórí pé "omi máa ń gòkè nínú iṣu tútù" máa mú irọ́.

Kọ́pà, ìmọ̀ràn yín lórí "rárá" dára. Ṣùgbọ́n "kò" ẹyọ kan ṣoṣo kì í pa ìbéèrè lára bí ohun tí à ń wò bá jẹ́ pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀. Méjì lórí ara wọn ló burú. Ní ti márùn-ún sí márùn-ún, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọmọ tó bá ti ka òótọ́ márùn-ún máa fi irọ́ dí ìyókù. Ẹ jẹ́ kó máa yí padà.

Kọ́pà Ìjerò
Ẹ ṣeun sà. Àmọ́ ìkejì yín tẹ́ ẹ yí ṣúgà padà sínú abọ́, ṣé ẹ̀tàn kọ́ nìyẹn náà? Ọmọ tó bá kà á wéréwéré máa rò pé bí ti inú ìwé ni.

Olùkọ́ Àgbà, Ìkéré
Ìbéèrè tó dáa. Ìyípadà náà wà ní iwájú gbangba, ohun tó sì yí padà ni ibi tí omi máa gbà. Ní ti tíṣà, "kì í" ló ń pinnu ìdáhùn. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ fún olùkọ́ míì tó mọ báyọ́lọ́jì kí ó dáhùn kíákíá. Bí òun náà bá ṣì í, ẹ tún un kọ. Ṣùgbọ́n mo gbà pé fún àwọn ọmọ SS1 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó lè tètè jù. Fún SS2 ni mo máa ń lò ó.

Olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, Adó
Ní tèmi o, kí lẹ ń fi òótọ́ tàbí irọ́ ṣe? Ìdáhùn mẹ́rin ni WAEC máa ń tò fún ọmọ láti yan ọ̀kan. Nínú ìbéèrè mẹ́wàá, ẹni tó kàn ń dábàá ṣì lè gba méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí ẹni 17 nínú 100. Ẹ sọ ọ́ di ogún, kẹ́ ẹ ní kó gba mẹ́rìnlá, ó ṣì kù nǹkan bí ẹni 6.

Tíṣà Ìkọ̀lé
Ẹ ṣeun púpọ̀. Sà, mi ò lò ó fún ìdánwò, iṣẹ́ kíláàsì ni. Mo fẹ́ mọ ẹni tí kò yé kí n tó kọjá síwájú. Mo ronú pé kí wọ́n tún gbólóhùn tí wọ́n bá pè ní irọ́ kọ, ṣùgbọ́n "kò" ni ọ̀pọ̀ wọn máa fi há a láàárín.

Olùkọ́ Àgbà, Ìkéré
Ẹ sọ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ lo "kò". Kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí awọ sẹ́ẹ̀lì, ní ìlà kan. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá máàkì tán, ẹ yọ ìwé àwọn mẹ́wàá tó gba jù àti ti mẹ́wàá tó gba kéré jù, kẹ́ ẹ ka iye tó gba ìbéèrè kan náà nínú wọn. Bí àwọn tó wà nísàlẹ̀ bá gba ju àwọn òkè lọ, ìbéèrè yẹn ni kẹ́ ẹ fura sí.

Tíṣà Ìkọ̀lé
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ìkẹrin wò bẹ́ẹ̀. Òkè, mẹ́ta. Ìsàlẹ̀, mẹ́fà. Ọ̀la ni màá fún wọn ní iṣu tó tutù yẹn. Èyí tẹ́ ẹ yí padà, mo ṣì ń rò ó. Ẹni tó bá ti fún SS1 rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ bó ṣe rí.