Ẹ gbà mí o, àfojúsùn pùrópósà mi ò bá ọ̀nà ìṣèwádìí mu

Ẹ kú iṣẹ́ o. Fáínà yíà ni mo wà l'Ádó-Èkìtì níbí, súpáfáísọ̀ mi ti dá pùrópósà mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ mi dá lórí iṣu tó ń jẹrà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìkọ́lé lẹ́yìn ìkórè. Wọn ò bá bákígíráùǹdì jà rárá, àfojúsùn ni wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sí: mo kọ síbẹ̀ pé mo fẹ́ "wọn iye iṣu tó ń bàjẹ́ láàárín oṣù 4", àmọ́ ìwé ìbéèrè fún àgbẹ̀ 30 lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀nà ìṣèwádìí mi, bẹ́ẹ̀ ohun tí àgbẹ̀ bá rántí kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Ṣé kí n yí àfojúsùn sí "iye tí àwọn àgbẹ̀ sọ pé ó ń bàjẹ́" ni, àbí kí n mú àgbẹ̀ 5 péré, kí n máa ka iṣu 20 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì fún ọ̀sẹ̀ 8? Kíkà ni mo rò dípò kí n máa gbé e sórí ìwọ̀n, torí iṣu tí ò jẹrà náà máa ń fúyẹ́ tó bá ń gbẹ. Àmọ́ bọ́jẹ́ẹ̀tì mi, owó mọ́tò ẹ̀ẹ̀kan péré ló wà níbẹ̀, èyí á sì di ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ̀ bá mú?