"A o gba" tí mo kọ sí oníbàárà ti fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀

Ìyá Kajú, Ìsánlú: Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Èmi àti oníbàárà kan ní Èkó ń ná kajú lórí Wásáàpù. Mo pè é ní ₦1,550 fún kílò kan, ó ní ₦1,400 lòun máa san. Mo kọ ọ́ sí i pé: "A o gba 1400." A ò gbà ni mo ní lọ́kàn. Ó fèsì pé "Ok", ó sì dákẹ́. Mo rò pé inú ń bí i ni. Àfi bó ṣe ní ọkọ̀ òun máa gbéra lálẹ́ òní! Ṣé kí n kọ àlàyé ránṣẹ́ ni, àbí kí n pè é? Kó má lọ rò pé mo yẹ àdéhùn.

Ará Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ pè é. Èmi kì í nájà lórí Wásáàpù rárá. Tí ẹ bá ti gbọ́ ohùn ara yín, àṣìgbọ́ ò sí mọ́.

Ọmọ Ògìdì: Irú ẹ̀ ṣe mí rí nídìí aṣọ òkè. Mo dá iye lé aṣọ, oníbàárà kọ "Ko buru" sí mi. Mo rò pé ó ń ṣàníyàn ni, mo bá yọ ₦5,000. Àṣé ó ti gbà tẹ́lẹ̀!

Bàbá Oníkajú, Kábà: Ìyá, ẹ pè é kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ ò fi àmì sí i, pé "a ó" àti "a ò" ò yàtọ̀ lójú fóònù, kò sì ṣẹ̀ bó ṣe kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè ìdí tó fi dúró sí ₦1,400. Orí ìpè ni ìbéèrè yẹn ti dùn ún bi. Bí ẹ bá kọ ọ́, ó lè dà bí ìjà. Bó bá jẹ́ omi inú kajú ló ń bẹ̀rù, ẹ ní kí ó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, kí owó gòkè tí omi náà kò bá ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ará Ẹ̀gbẹ̀, ìpè nìkan ò tó. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iye tó wu kálukú ló máa rántí. Tí ẹ bá ti gbé fóònù sílẹ̀, ẹ kọ iye kílò, owó, àti ẹni tó máa san ọkọ̀. Ẹ má gba "Ok" o. Kí òun náà tẹ iye náà padà. Iye nìkan ẹ lè máa jù síra yín lórí Wásáàpù, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ kan bá ti yí po lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tí ẹ bá ń ro ohun tí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sí, ẹ pè.

Ìyá Kajú, Ìsánlú: Mo ti pè é. "A ó" ló kà. Omi inú kajú náà ló ń bẹ̀rù lóòótọ́, a sì parí sí ₦1,480 tó bá gbẹ dáadáa. Ó ti tẹ iye náà ránṣẹ́. Àmọ́ ó ti fún awakọ̀ lówó epo kí n tó pè, ó ní ká jọ pín in. Ṣé ó tọ́?

Ará Ẹ̀gbẹ̀: Kò tọ́. Ó yẹ kó béèrè kó tó náwó.

Bàbá Oníkajú, Kábà: Tó bá jẹ́ èmi ni, màá san ìdajì. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.