Ètò ti pẹ́, wọ́n ní kí o gé ìfihàn olùbánisọ̀rọ̀ kúrú lójú ẹsẹ̀: kí lojú yín rí?

Àdùkẹ́ Ẹmsíì
Ẹ kú ọjọ́ Ajé o. Láti Sátidé lọ̀rọ̀ yìí ti ń rìn mí lára. Èmi ni mo darí ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ kan ní Sùúrùlérè. Aago 10 ló wà nínú ìwé ìpè. Alága wà lórí afárá Tádì Mènlándì, gó-sìló ò jẹ́ kó mira. Aago 11 kọjá ìṣẹ́jú 40 la tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó máa lo gbọ̀ngàn lẹ́yìn wa sì ti ń kó àga aláwọ̀ góòlù wọlé láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Bí ìṣẹ́jú 30 tí a fún olùbánisọ̀rọ̀ ṣe di 12 nìyẹn. Ìwé tí wọ́n ní kí n kà nípa rẹ̀ kó tó bọ́ sí máìkì, ojú ewé kan ààbọ̀ ni. Mo mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, kì í dín ní ìṣẹ́jú 4.

Mo gé e. Màá sọ bí mo ṣe gé e, àti ẹni tó ń bínú sí mi títí di òní. Ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Kí ló le níbẹ̀? "Ẹni tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹni mowó, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un." Ó parí.

Tísà Àgbà
Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ìdajì ọ̀rọ̀ lo sọ. Ẹni tó tẹ̀ lé ìyàwó ẹ̀ wá, tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, kò mọ̀ ọ́n rí.

Mo ṣe ohun tó o wí yẹn rí ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìṣẹ́jú 10 péré ló kù, ni mo bá ní gbogbo wa ló mọ màmá, mo gbé máìkì fún wọn. Màmá mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Bóyá kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n dárúkọ gbogbo wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fi dé orí iyọ̀ àti Mágì, ìṣẹ́jú 6 ti lọ. Ìṣẹ́jú 2 ni mo rò pé mo rí pamọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé tó o bá gé ohun tí kò yẹ, olùbánisọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ á gbé e padà, nínú àkókò tiẹ̀ ló sì máa ti yọ ọ́.

Gbohùngbohùn
Òótọ́ ni Tísà sọ. Èmi tí mò ń jókòó ti ẹ̀rọ, mo máa ń mọ̀. Tó bá ti ní "bí wọn ò bá tíì sọ fún yín", mo ti lè lọ ra búrẹ́dì àti àkàrà kí n tó padà.

Màmá Bọ́lá
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé introdọ́ṣọ̀n ìyàwó lẹ̀ ń sọ? Ti ọmọ àbúrò mi ní Ọ̀ṣòdì, wákàtí 3 ni ẹbí ọkọ fi pẹ́. Alága ìdúró ní àkókò ti lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin yẹn dọ̀bálẹ̀. Títí di òní, ìyá ìyàwó ò gbà pé wọ́n tọrọ ọmọ òun.

Gbohùngbohùn
Màmá, olùbánisọ̀rọ̀ ni o, kì í ṣe ọkọ ìyàwó 😂

Màmá Bọ́lá
Ẹ̀ẹ́n. Ó kúkú jọra.

Àdùkẹ́ Ẹmsíì
Ó jọra lóòótọ́, mà, ẹ máa rí i.

Ó dáa, bó ṣe lọ nìyí. Ẹgbẹ́ akọrin ń kọrin lọ́wọ́. Mo rọra sọ̀ kalẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùbánisọ̀rọ̀, mo sọ sí i létí pé, "Mà, ìṣẹ́jú 12 ló kù fún yín o, kì í ṣe 30 mọ́. Nínú ìwé tẹ́ ẹ fún wa yìí, èwo lẹ ò fẹ́ kí n fò?" Mo rò pé wọ́n á ní oyè Ọ̀jọ̀gbọ́n, tàbí àmì ẹ̀yẹ márùn-ún tó kún ìpínrọ̀ kejì. Wọ́n ṣí ìwé náà sí ẹ̀yìn, wọ́n fi ìka tẹ ìlà kan ṣoṣo tí mi ò tilẹ̀ kà sí: pé ó ti di ọdún 11 tí wọ́n ti ń yẹ omi bòhóòlù wò láti Lẹ́kí dé Àjà. Wọ́n ní, "Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Tí wọn ò bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín, mo ní láti sọ ọ́ fúnra mi."

Ká ní mi ò béèrè ni, ìlà yẹn gan-an ni ǹ bá gé, torí ìsàlẹ̀ ló wà.

Mo fi bíró yí i ká. Mi ò fa ilà kọjá lórí ìyókù, torí ẹni tó ń ka ìwé tó kún fún ilà á máa kọsẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé ètò ni mo kọ tuntun sí. Ibi tí wọ́n bí wọn sí, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ, àmì ẹ̀yẹ, mi ò mú ìkankan. Ohun tí mo sọ nìyí:

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Lẹ́kí sí Àjà, ẹ mọ̀ pé omi bòhóòlù míì, bí ẹni fi iyọ̀ sí i ni. Ẹni tó fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ báyìí ti fi ọdún 11 yẹ omi abẹ́ ilẹ̀ agbègbè yẹn wò. Ìtàn ayé wọn tó kù wà lójú ewé 4 nínú ìwé ètò tó wà lọ́wọ́ yín. Lórí ìdí tí omi wa fi ń níyọ̀, ẹ bá mi kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lágbájá káàbọ̀."

Mo fi fóònù wọ̀n ọ́n nígbà tí mo délé. Kò pé ìdajì ìṣẹ́jú. Mi ò sì sọ pé "nítorí àkókò tó ti lọ", torí tó o bá ti sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ojú á yí sí aago.

Ẹni tó ń bínú sí mi ni ọkọ wọn. Olóyè ni màmá yìí, mo sì fo "Olóyè".

Bàbá Ìyáàfin
Áà! O fo "Olóyè"?

Ìyá Ìbejì
Àdùkẹ́, ìyẹn ò dáa o. Ẹni tó pa màlúù jẹ oyè.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọ̀jọ̀gbọ́n ò tó ni? Ìyá tó fẹ́ sọ̀rọ̀ omi, kí ni oyè fẹ́ ṣe fún omi?

Bàbá Ìyáàfin
Ìwọ ọmọ yìí, oyè ti wọnú orúkọ. "Olóyè Ọ̀jọ̀gbọ́n Lágbájá" àti "Ọ̀jọ̀gbọ́n Lágbájá", kí lo jèrè láàárín méjèèjì? Kò tó èémí kan. Ohun tó wà níwájú orúkọ kì í jẹ àkókò. Èyí tó ń jẹ ẹ́ ni àkójọ tó ń tẹ̀ lé e: mẹ́ńbà ẹgbẹ́ eléyìí, bàbá ìsàlẹ̀ tọ̀hún. Ibẹ̀ ni kó o ti fi ọ̀bẹ sí i.

Àdùkẹ́ Ẹmsíì
Mo gbà, sà. Mo ti pe ọkọ wọn. Wọ́n ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n ohùn wọn ò sọ bẹ́ẹ̀.

Tísà Àgbà
Ohun kan ò yé mi. Kí ló dé tó o fi orúkọ sẹ́yìn? Nílé wa, a kì í sọ̀rọ̀ ẹni ká tó dárúkọ ẹ̀.

Gbohùngbohùn
Tísà, ti ẹ̀yìn yẹn ló dáa fún àwa. Ohun tí mò ń dúró dè kí n tó ṣí máìkì olùbánisọ̀rọ̀ ni orúkọ ẹ̀. Tí ẹmsíì bá ti kọ́kọ́ dá a, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, olùbánisọ̀rọ̀ á dìde, ẹmsíì á ṣì máa sọ̀rọ̀, ẹni ẹlẹ́ni á wá dúró láàárín ọ̀nà bí ẹni tó sọnù. Kó tó rìn dé orí pèpéle, ìṣẹ́jú kan tún ti lọ.

Tísà Àgbà
Kó jókòó jẹ́jẹ́ títí wọ́n á fi ṣe tán. Mi ò tíì gbà.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹmsíì fúnra yín, tiyín rọrùn. Tèmi, ẹlòmíì ni wọ́n yàn láti ka ìwé náà. Ọ̀rẹ́ olùbánisọ̀rọ̀ ni, ó rán aṣọ nítorí ẹ̀, ó gbé ọmọ wá láti wá ya fọ́tò òun. Ojú ewé 3. Mo ní kó gé e kúrú, ó ní òun ti gbọ́. Kò gé nǹkan kan, ńṣe ló ń sáré kà á. Ó ń ka orúkọ ilé ìwé bí ọmọ onímótò tó ń pe Ọ̀bálẹ́ńdé, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó dé orí orúkọ bàbá gan-an, ó ṣì í pè, bàbá sì kọ́kọ́ tún un ṣe kí wọ́n tó kí àwùjọ. Mo wo aago, ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí ni gbogbo eré yẹn rí pamọ́.

Àdùkẹ́ Ẹmsíì
Irú wọn ò ṣeé sọ fún pé "ẹ gé e". Ẹ mú bíró lọ bá a kó tó dìde, ẹ ní kó fa ilà sábẹ́ gbólóhùn 3 tó fẹ́ràn jù, kó ka ìyẹn nìkan.

Ìyá Ìbejì
Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù tó kọjá. Ó fa ilà sábẹ́ gbogbo ẹ̀.

Bàbá Ìyáàfin
😂😂😂

Ayángalú
Ẹ pe onígángan. Lílù kan báyìí, a ti pe orúkọ, a ti pe oríkì, ó tán.

Gbohùngbohùn
Ayángalú, irọ́ nìyẹn! Tí olùbánisọ̀rọ̀ bá ti fọwọ́ kan àpò, ìgbà wo lẹ máa kúrò níwájú ẹ̀?

Ayángalú
Ìyẹn wà lọ́wọ́ ohun tó bá tinú àpò jáde.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Gbogbo yín ń lu ọmọ tí kò jalè. Ìṣẹ́jú 3 ààbọ̀ ni Àdùkẹ́ rí gbà padà. Ṣé òun ló jẹ́ kí 30 di 12? Èèyàn mélòó ló gba máìkì, tó ní "mo dúró lórí ìkíni àwọn tó ṣáájú", tó tún wá kí gbogbo ìlà iwájú lọ́kọ̀ọ̀kan?

Àdùkẹ́ Ẹmsíì
Méje. Mo kà wọ́n.

Tísà Àgbà
Lónìí nìkan ni mo gbà fún ọmọ yìí.

Màmá Bọ́lá
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Kí wá ni màmá yẹn ní ó ń fà á tí omi fi ń níyọ̀? Àjà lọmọ mi kọ́lé sí.

Àdùkẹ́ Ẹmsíì
Wọ́n ní tá a bá ń fa omi aládùn abẹ́ ilẹ̀ ju bí òjò ṣe ń dá a padà lọ, omi òkun á máa wọlé wá dí àyè ẹ̀, mà. Pé ẹni tó tún gbẹ́ kànga ẹ̀ jìn sí i lè rí aládùn, ó sì lè bá iyọ̀ pàdé, ibi tí ilẹ̀ ẹ̀ wà ló máa sọ.

Màmá Bọ́lá
Báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ èyí tí tiẹ̀ máa jẹ́?

Gbohùngbohùn
Ibẹ̀ ni wọ́n dé, mà, tí wọ́n fi gbé àga kọjá níwájú wọn.