Ṣé kí n bi ọmọbìnrin kan ní tààrà bóyá ó fẹ́ mi, àbí kí n ṣì máa ṣọ́ ọ?

Ẹ̀yin ará, fóònù ni mò ń tún ṣe nítòsí ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́. Ọmọbìnrin kan ń ta aṣọ ní ìsọ̀ tó kọjú sí tèmi. Ó ti lé ní oṣù kan tó ti ń gbé oúnjẹ wá fún mi lọ́sàn-án, tó sì ń jókòó tì mí títí oníbàárà á fi pè é. Mo rò pé ìfẹ́ ni, àfi ìgbà tí mo rí i tó ń bu oúnjẹ fún oníbàtà kan pẹ̀lú. Oúnjẹ kò jẹ́ ẹ̀rí mọ́ nìyẹn.

Mo wá dákẹ́, mi ò pè é fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó pè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bátìrì fóònù ìyá rẹ̀ ló bá wá. Mo ní ká jọ lọ sí etí òkun ní Kútọnu lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní òun ò ráyè. Kò dá ọjọ́ mìíràn, èyí ló sì ń jẹ mí lọ́kàn jù, torí ẹni tó bá fẹ́ lọ á ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?" Síbẹ̀, nígbà tí obìnrin kan pẹ́ lọ́dọ̀ mi, ọmọbìnrin aláṣọ yìí bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ta ni obìnrin yẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí mo bi, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Ojoojúmọ́ la ó máa rí ara wa, mi ò fẹ́ kí ìsọ̀ dojú rú. Ṣé kíkọ̀ tí kò dá ọjọ́ mìíràn ti tó láti gbà pé kò fẹ́, àbí kí n kọ́kọ́ ní kó fúnra rẹ̀ yan ọjọ́, kí n tó bi í ní tààrà?