«Ní àkókò tí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn jù lọ»: kí ni a lè fi rọ́pò rẹ̀ nínú lẹ́tà owó?

Akọ̀wé ìsọ̀ àdìrẹ, Ìtokú, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Oníbàárà wa kan gba àdìrẹ 40 ní owó ₦360,000, ó sì san ₦200,000 sílẹ̀. Mo wá kọ̀wé sí i pé: «Pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn ni a fi ń kọ ìwé pélébé yìí sí ẹ̀yin ọlọ́lá jù lọ, a sì ń rọ̀ yín kí ẹ fi inú rere yín ṣe ìsanpadà gbèsè yín ní àkókò tí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn jù lọ. Èmi ni ìránṣẹ́ yín onígbọràn.» Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá, owó kò wọlé. Ọ̀gá mi ní lẹ́tà náà ti gbó. Báwo ni mo ṣe lè tún un kọ tí kò fi ní dà bí ẹni pé à ń bá oníbàárà jà?

Òṣìṣẹ́ ilé ìpolówó ọjà, Òkè-Ìlẹ̀wó

Gbogbo ìkíni àti ẹ̀bẹ̀ yẹn ni kí ẹ gé dànù. Ọ̀rọ̀ ajé kò fẹ́ àsọgùn. Ẹ kọ ọ́ pé: «Ẹ san ₦160,000 kó tó di ọjọ́ Ẹtì.» Ó parí.

Olùtumọ̀ àgbà, Ìbarà

Àbúrò mi ti Òkè-Ìlẹ̀wó rí ibi tó ń dunni, ṣùgbọ́n ẹran ara ló gé pẹ̀lú egbò. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn tó kó bá akọ̀wé wa gan-an. Ẹni tó bá sọ fún Yorùbá pé kó ṣe nǹkan nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó ti yọ̀ǹda fún un nìyẹn. Lédè Gẹ̀ẹ́sì tí a ti yá gbólóhùn náà, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ó yá. Nígbà tí a túmọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni a rí gbé wá, ìkánjú inú rẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Oníbàárà yẹn kò ṣàìgbọràn rárá: ẹ ní kó san án nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò sì tíì rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ìránṣẹ́ onígbọràn pàápàá, ìtumọ̀ tààrà ni, láti inú ìparí lẹ́tà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn. Ẹni tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì kọ́ ló yẹ kó máa pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́.

Níbo ni ọ̀wọ̀ wá wà nínú gbólóhùn wa? Ẹ ka mẹ́ta wọ̀nyí sókè: «San owó náà.» «Ẹ san owó náà.» «Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa san owó náà.» Kò sí ọlọ́lá tàbí ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn nínú èyí tó kẹ́yìn, síbẹ̀ kò sí àgbà tí yóò gbọ́ ọ tí yóò fajú ro. «Bá wa» ló ṣe iṣẹ́ náà: ó sọ ohun tí à ń béèrè di ohun tí a jọ ń ṣe. Ẹ mú un kúrò, ẹ ó rí i pé ohùn yóò le lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wo «ṣe ìsanpadà» náà. Nígbàkigbà tí ẹ bá rí «ṣe» níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹ gbìyànjú láti dá ọ̀rọ̀ ìṣe náà padà: ẹ san, ẹ fi ránṣẹ́, ẹ gbé e yẹ̀ wò. Bí gbólóhùn náà bá kúrú tí nǹkan kan kò sì sọnù, òdòdó lásán ni «ṣe» ọ̀hún. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo rẹ̀; «ṣe ìpàdé» àti «ṣe ìwádìí» ti di ti ilé, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.

Ìkíni ńkọ́? Ẹyọ kan tó bá ẹni náà mu kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Lẹ́tà tí kò kíni lójú Yorùbá, ìjà ló mú wá.

Báyìí ni èmi yóò ṣe kọ ọ́:

«Ẹ kú ọjà o, màá. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ, ẹ gba àdìrẹ 40 lọ́wọ́ wa ní ₦360,000. Ẹ ti san ₦200,000, a dúpẹ́. Ó ku ₦160,000. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa san án, bó pẹ́ jù, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá. Bí ìdíwọ́ kan bá wà, ẹ pè wá kí ọjọ́ náà tó pé.»

Mo kọ «bó pẹ́ jù, ní ọjọ́ Ẹtì» nítorí pé «kó tó di ọjọ́ Ẹtì» tí àbúrò wa kọ kò ka ọjọ́ Ẹtì mọ́ ọn. Ọjọ́bọ̀ ni gbèdéke yẹn. Ẹni tó bá san án ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ti pẹ́ lójú yín, kò sì pẹ́ lójú ara rẹ̀.

Ìyá aláró, Kẹ́mta

Èmi kì í kọ lẹ́tà ní tèmi. Bí wọ́n bá jẹ mí lówó, ma gbé ohùn mi sórí fóònù, ma ní, «Ìyá Bùsáyọ̀, ẹ̀lú ti tán nínú ìkòkò mi o.» Wọ́n á mọ ohun tí mò ń wí, wọ́n á sì fowó ránṣẹ́. Ṣé ẹ ò kúkú pè é ni?

Olùtumọ̀ àgbà, Ìbarà

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ aró o. Ẹni tó mọ ohùn yín ni ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti tó o. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti ìwé tí oníṣirò owó wọn ní láti fi sí fáìlì, kò ní mọ ohun tí ẹ̀lú fi kan ₦160,000.

Olùkọ́ Yorùbá, Àṣẹ̀rọ̀

Mo fara mọ́ ti «bá wa», ṣùgbọ́n ẹ kò mẹ́nu kan ìparí. Àwọn ọmọ wa ń kọ́ «Èmi ni tiyín ní tòótọ́» fún lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́ nínú ìdánwò, máàkì yóò lọ. Bákan náà, mo rí i pé ẹ yẹra fún «gbèsè». Kí ló dé? Ọ̀rọ̀ tiwa ni, ó sì ṣe kedere.

Olùtumọ̀ àgbà, Ìbarà

Nínú ìdánwò, kí wọ́n kọ ohun tí ìdánwò fẹ́. Nínú lẹ́tà ọjà, «A dúpẹ́ o», orúkọ àti ipò ẹni tó kọ ọ́ ti tó. Ní ti gbèsè, ọ̀rọ̀ tó wúwo ni létí wa: a máa ń sọ pé ẹnì kan wọ gbèsè tàbí pé gbèsè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ti san ju ìdajì lọ kò yẹ lẹ́ni tí à ń kí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àkọ́kọ́. «Ó ku» sọ iye kan náà láìdójú tì í.

Olùkọ́ Yorùbá, Àṣẹ̀rọ̀

Nínú ìwé àkọ́kọ́, mo gbà. Bó bá di ìwé kẹta tí owó kò tíì wọlé, èmi yóò kọ gbèsè, mi ò sì ní tọrọ àforíjì.

Akọ̀wé ìsọ̀ àdìrẹ, Ìtokú

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti tún un kọ gẹ́gẹ́ bí bàbá wa ti Ìbarà ṣe tò ó. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù: ọ̀gá mi fẹ́ kí n kọ «Ìwé Ìránnilétí» sórí rẹ̀, mo sì rò pé «Owó àdìrẹ tó kù» dára jù.

Olùtumọ̀ àgbà, Ìbarà

«Owó àdìrẹ tó kù» ni kí ẹ kọ. Ìránnilétí ń sọ fún un pé ó gbàgbé, a kò sì mọ̀ bóyá ó gbàgbé.

Òṣìṣẹ́ ilé ìpolówó ọjà, Òkè-Ìlẹ̀wó

Mo gba ti ọjọ́ Ẹtì yẹn, ẹ̀gbọ́n, mi ò rò ó débẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìránnilétí ni èmi yóò kọ o. Ẹni tó gba lẹ́tà 30 lóòjọ́ fẹ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kà á.